Páálí dáì méjì ni mo fi ṣòfò kí ṣónṣó irun mi tó gbà

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, torí owó páálí méjì ti wọlẹ̀ kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe dáì ló burú. Ìdí irun mi dúdú kirikiri, ṣónṣó rẹ̀ sì pọ́n, torí mo ti fi bílíìṣì bó o lọ́dún tó kọjá. Mo ní kí n fi búráùn inú páálí pa gbogbo rẹ̀ kó dọ́gba. Ìdí tún dúdú sí i, ṣónṣó gbà á ní àbùlé-àbùlé, nígbà tí mo sì fọ irun lẹ́ẹ̀mejì péré, àwọ̀ ti ṣí.

Mo tún ra òmíràn, búráùn tó fara jọ eérú. Ìyẹn ló bà mí jẹ́. Nígbà tí mo dé iwájú dígí, ṣónṣó irun mi rí bí ara ògiri tí òjò ti ń pa láti ọdún mélòó kan: àwọ̀ ewé!

Àǹtí mi tó ń ṣe irun rẹ́rìn-ín títí. "Ìwọ ọmọ yìí, bílíìṣì ti kó pupa inú irun ẹ lọ, yẹ́lò nìkan ló ṣẹ́ kù. Búlúù inú dáì ẹ wá lọ pàdé yẹ́lò. Kí lo rò pé wọ́n máa bí?" Wọ́n ní mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá pupa padà kí n tó fi búráùn lé e.

Mo wá ra dáì tó pọ́n bíi bàbà, èyí tí kò ní amóníà, tí a kì í pò mọ́ dẹfẹlọ́pà. Mo gé irun díẹ̀ lẹ́yìn etí láti fi dán an wò. Ìkánjú mi ni mo fi fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5. Búráùn tí mo fi lé e tún yọ ewé. Mo fẹ́ẹ̀ ju òòyà nù. Mo gé òmíràn, mo fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20, títí ó fi pọ́n kedere bíi bàbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Mo fi omi lásán ṣan án láìfi ṣampú sí i, mo fi búráùn lé e, ó sì jáde bó ṣe yẹ. Ìdùnnú ṣubú layọ̀!

Bí mo ṣe ṣe gbogbo ṣónṣó nìyẹn. Búráùn nọ́ńbà 5 ni mo fẹ́, ṣùgbọ́n nọ́ńbà 6 tí kò dúdú tó o ni mo rà, torí irun tí bílíìṣì ti bó máa ń mu àwọ̀ dúdú kọjá ààlà. Mi ò jẹ́ kó kan ìdí rárá. Òòyà ni mo fi fà á díẹ̀ sí ibi tí méjèèjì ti pàdé kí ìlà má bàa hàn.

Ká ní mo ti gé irun díẹ̀ dán an wò láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, owó mi ì bá wà lápò mi. Ìdí ṣì fi díẹ̀ dúdú jù ú lọ. Àǹtí mi ní dáì kì í ṣí dáì, àfi bílíìṣì, èmi ò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ bílíìṣì mọ́.