Ẹ fi kakulétọ̀ yẹ ìwé owó oṣù yín wò

Ẹ̀yin ará Ilé-Ifẹ̀, bí wọ́n bá fi àwòrán ìwé owó oṣù ránṣẹ́, owó ìfẹ̀yìntì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ó kéré tán, 8% owó ìpìlẹ̀, owó ilé àti owó ọkọ̀ ni, kì í ṣe dandan kó jẹ́ ti gbogbo owó. Ká ní àpapọ̀ owó jẹ́ ₦120,000, tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn jẹ́ ₦90,000: ₦7,200 ni. Bí ẹ bá rí ₦9,600, orí gbogbo owó ni wọ́n ti ṣírò. Ẹ béèrè ìdí. Ó ku owó orí: ₦112,800 tó kù, lọ́nà 12, jẹ́ ₦1,353,600. Ẹ yọ ₦800,000 tí òfin owó orí tó bẹ̀rẹ̀ ní 2026 dá sí, ẹ gba 15% ìyókù, ẹ pín in sí 12: ₦6,920. ₦105,880 ló yẹ kó wọlé. Ẹni tó bá ti fi ìwé owó ilé tó ń san hàn, owó orí tirẹ̀ á kéré sí èyí.