Mo bẹ láńlọ́ọ̀dù kó fún mi láyè, ó kà á, kò fèsì

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ 1 oṣù 5 ló yẹ kí n san owó ilé, owó ò sì tíì pé. Ọjọ́ 10 lowó oṣù mi ń wọlé. Mo kọ̀wé sí láńlọ́ọ̀dù pé "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ní sùúrù fún mi díẹ̀, nǹkan ò rọgbọ, màá san án láìpẹ́." Ó ti kà á, kò fèsì. Kí ló kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀?

Ìdáhùn: Ọjọ́ ni kò sí níbẹ̀. "Láìpẹ́" lè jẹ́ ọ̀la, ó lè jẹ́ oṣù mẹ́ta, kí wá ni kó fèsì sí? Ẹ mú ọjọ́ kan pàtó, àmọ́ ẹ má mú ọjọ́ 10 o, torí tí ọjọ́ 10 yẹn bá bọ́ sí Sọ́ńdè, owó lè má wọlé títí Mọ́ńdè tàbí Túsídeè, tẹ́ ẹ bá sì yẹ àdéhùn yìí, ẹ̀bẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì máa le gan-an. Ẹ fi ọjọ́ díẹ̀ lé e, ká ní ọjọ́ 14, kẹ́ ẹ wo kàlẹ́ńdà kẹ́ ẹ lè dárúkọ ọjọ́ náà mọ́ ọn. Ẹjọ́ ò gbọdọ̀ pọ̀, ìdí kan ti tó. Bí mo ṣe máa kọ ọ́ rèé:

"Ẹ kú iṣẹ́ sà. Owó ilé tó yẹ kí n san ní ọjọ́ 1 oṣù 5 ò ní pé lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ yẹn, torí ọjọ́ 10 ni wọ́n ń san owó oṣù wa. Màá fi ìdajì ránṣẹ́ sí àkáǹtì yín ní ọjọ́ 1, màá san ìdajì tó kù ní Tọ́sìdeè, ọjọ́ 14 oṣù 5. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ fara mọ́ ọn? Inú mi á dùn tẹ́ ẹ bá lè fèsì síbí kó tó di ọjọ́ 27 oṣù 4, kí n lè mọ bí màá ṣe ṣètò."

Tí ìdajì ò bá sí lọ́wọ́ yín, ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ má ṣèlérí ohun tẹ́ ò ní.

Ìbéèrè: Tó bá wá pè mí lórí fóònù pé kò burú ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀: "Ẹ ṣé gan-an sà, bá a ṣe jọ sọ, ìdajì ní ọjọ́ 1, ìyókù ní ọjọ́ 14." Ẹ tún yẹ àgírímẹ́ǹtì yín wò bóyá owó ìtanràn wà fẹ́ni tó bá pẹ́ san, tó bá wà, ẹ béèrè bóyá ó máa fojú fò ó, torí ó lè gbà kẹ́ ẹ pẹ́ san kó ṣì gba owó yẹn. Tí kò bá sì fèsì rárá, ẹ má kà á sí pé ó ti gbà o, ọjọ́ 1 ṣì ni gbèsè yẹn pé, ẹ pè é fúnra yín, kẹ́ ẹ san èyí tẹ́ ẹ bá rí lọ́jọ́ yẹn, kẹ́ ẹ tọ́jú rìsíìtì ẹ̀.