Bí mo ṣe yọ bíìmù kúrò lórí àtẹ̀gùn

Ilé alájà kan ni, n'Ìbàdàn. Káfíńtà ti kan pákó àtẹ̀gùn àti dẹ́kìn, a ò tíì da kọnkéré. Ẹsẹ̀ ń ga jù láti gbé, orí sì fẹ́ kan bíìmù.

Mo wọn láti ilẹ̀ ìsàlẹ̀ dé ilẹ̀ òkè, mo ka táìlì méjèèjì mọ́ ọn: 3060 mìlímítà. Káfíńtà pín in sí 15, ìpele kọ̀ọ̀kan sì ga ní 204. Èmi pín in sí 18, ó di 170. Ibi ìtẹ̀sẹ̀ jẹ́ 270. Ìlọ́po méjì 170, pẹ̀lú 270, jẹ́ 610. Bí ìṣísẹ̀ èèyàn ṣe gùn nìyẹn, ara á sì rọ̀ ọ́. Ibi ìtẹ̀sẹ̀ 17 péré la kàn, torí ilẹ̀ òkè fúnra rẹ̀ ni ìkejìdínlógún.

Abẹ́ bíìmù ga ní 2760. Àyè orí kò gbọdọ̀ dín ní 2000, nítorí náà ibi tí ẹsẹ̀ bá ti ga ju 760 lọ, bíìmù ò gbọdọ̀ sí lókè rẹ̀. Ìpele kẹrin ga ní 680, ìkarùn-ún ní 850. Ẹnjiníà gbà pé ká sún bíìmù sẹ́yìn, kí ojú ihò dẹ́kìn tí àtẹ̀gùn gbà yọ sókè bẹ̀rẹ̀ ṣáájú etí ìpele karùn-ún.