Bí a ṣe bá Màmá yanjú ìgbẹ́ líle

Màmá mi ti lé lẹ́ni ọdún 80, oògùn tí wọ́n ń lò lójúmọ́ kò sì kéré. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ nílé ìgbọ̀nsẹ̀, tí wọ́n ń rin títí kí ohun gbígbẹ wóróworo tó jáde, àbúrò mi ti ra iyọ̀ oògùn tó máa ń hó nínú omi. Mo ní kó dúró ná. Mo kó gbogbo oògùn Màmá sínú ọ̀rá, àti àgbo wọn, ó di ọ̀dọ̀ apòògùn.

Obìnrin náà tú wọn sórí káńtà. Ó ní tiramadọ́ọ̀lù tí wọ́n ń lò fún orúnkún ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà jù: ó ń mú kí ìfun lọ́ra, ìgbẹ́ á pẹ́ níbẹ̀, omi ara rẹ̀ á sì gbẹ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ń sọ ìgbẹ́ di dúdú náà ń dá kún un. Ó kìlọ̀ pé a kò gbọ́dọ̀ dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró fúnra wa. Ní ti iyọ̀ yẹn, ó ní ó lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, kíndìnrín àgbàlagbà sì lè má lè yọ ọ́ dànù bó ṣe yẹ.

Dókítà fi parasitamọ́ọ̀lù rọ́pò tiramadọ́ọ̀lù, ó sì dá oògùn ẹ̀jẹ̀ dúró torí pé ẹ̀jẹ̀ wọn ti pé. Ó kọ lakitulóòsì fún wọn, oògùn olómi tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀, mìlílítà 15 láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó lè gba ọjọ́ 2 kó tó ṣiṣẹ́, nítorí náà a ò fi kún un, bí inú wọn tilẹ̀ ń kùn. Ó ní ọkàn àti kíndìnrín wọn gba kí wọ́n mu omi dáadáa. Ẹni tí wọ́n bá díwọ̀n omi fún kò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀.

Tí wọ́n bá ti mu ẹ̀kọ àárọ̀ tán, mo máa ń mú wọn lọ jókòó, torí pé oúnjẹ tó wọlé ló ń jí ìfun. Mo gbé àpótí kékeré sábẹ́ ẹsẹ̀ wọn kí orúnkún lè ga ju ìbàdí lọ, wọ́n á wá tẹ̀ síwájú díẹ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń kán wọn lójú.

Ṣùgbọ́n omi ìgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jò sáṣọ wọn. Àbúrò mi ní ìgbẹ́ gbuuru ni, ó fẹ́ lo oògùn tó ń dá a dúró. Mo kọ́kọ́ pe apòògùn. Ó ní bóyá ìgbẹ́ líle ló dí ọ̀nà, tí omi ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Nọ́ọ̀sì yẹ̀ wọ́n wò, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ó fi oògùn ìdí onígílísáríìnì sí i, ọ̀nà sì là. Ó ní tí wọ́n bá ń bì, tí ikùn wú tí wọn ò lè só, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ jáde, ilé ìwòsàn ni kíá.

A ti dín lakitulóòsì kù sí alẹ́ nìkan báyìí. Orúnkún ṣì ń ro wọ́n láàárọ̀, wọ́n ní ó sàn ju ìrinrin yẹn lọ.