Bí a ṣe ń mú kí àwọ̀ ara bára mu nínú gbogbo fótò ìnáwó

Ẹ wo fótò ìgbéyàwó kan ní Kétu. Nínú oòrùn àgbàlá, ara ẹ̀gbọ́n ìyàwó ń dán, ó pọ́n díẹ̀. Lábẹ́ àtíbàbà aláwọ̀ búlúù, ó wá dà bí ẹni tí ara rẹ̀ ò yá. Prísẹ́ẹ̀tì kan, ìyẹn àtúnṣe tí a ti tọ́jú sílẹ̀ láti tún lò, tí a bá kàn dà lé gbogbo rẹ̀ lórí kò lè tún èyí ṣe, torí ìmọ́lẹ̀ ló yàtọ̀. Ìmọ́lẹ̀ la ó kọ́kọ́ tún ṣe.

Nínú Library ti Lightroom Classic, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún fótò ṣe, ẹ pín àwọn fótò gẹ́gẹ́ bí ìmọ́lẹ̀ tí ẹ fi yà wọ́n. Ẹ tẹ 6 kí àmì pupa wà lára ti àgbàlá, 7 kí yẹ́lò wà lára ti abẹ́ àtíbàbà.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú fótò kan nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan lọ sí Develop. Ẹ tẹ W, kí ẹ sì fi tẹ ohun aláwọ̀ eérú tó wà nínú ìmọ́lẹ̀ kan náà pẹ̀lú ojú ẹni náà, bí ògiri sìmẹ́ńtì tí a ò kùn. Ẹ má fi tẹ aṣọ funfun: búlúù tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ máa ń tanni jẹ. Ẹ wá gbé atọ́ka sórí ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ẹ wo nọ́ńbà tó wà lábẹ́ Histogram. R, ìyẹn pupa, ló yẹ kó ga jù, kí G, àwọ̀ ewé, tẹ̀lé e, kí B, búlúù, kéré jù. Bí ẹ bá rí R 45, G 34, B 33, búlúù àtíbàbà ṣì wà lójú. Ẹ máa fa Temp sọ́wọ́ ọ̀tún títí B yóò fi sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí 25. Ẹ yan ìyókù ọ̀wọ́ yẹn mọ́ ọn, ẹ tẹ Sync, kí ẹ fi àmì sí White Balance nìkan.

Ìgbà yìí ni prísẹ́ẹ̀tì tó wúlò. Ẹ ṣí Color Mixer, ẹ gbé Luminance ti Orange sókè díẹ̀, bíi 8, kí ẹ sì dín Saturation rẹ̀ kù bíi 5. Ẹ tẹ Create Preset, ẹ yọ àmì kúrò lára White Balance àti Exposure, ẹ fi Color Mixer nìkan sílẹ̀. Ó lè wá lọ sórí gbogbo fótò láìba iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe jẹ́. Orange kì í mọ èèyàn, àwọ̀ nìkan ló mọ̀: bí ojú bá ṣì ní búlúù, kò ní fọwọ́ kàn án dáadáa.

Ẹ yan fótò ẹnì kan náà láti inú ọ̀wọ́ méjèèjì, ẹ tẹ N, kí ẹ fi ojú wé ojú. Ẹnì kan náà ló gbọ́dọ̀ bá ara rẹ̀ mu; ẹ má sọ adúmáadán àti apọ́nbéporẹ́ di àwọ̀ kan.

Ẹ wo aṣọ ẹbí náà. Bí ó bá jẹ́ àwọ̀ ọsàn, prísẹ́ẹ̀tì yóò yí i padà mọ́ ara. Nígbà náà, ẹ dá Orange padà sí 0 nínú Color Mixer, ẹ yan awọ ara nìkan nínú Masking, lábẹ́ People, kí ẹ fi Exposure àti Saturation ibẹ̀ ṣe àtúnṣe díẹ̀.