Sísọ fún bọ́ọ̀dù kọ́ ni sísọ fún onípìn-ín: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú ìbéèrè lórí ojúṣe dáírẹ́kítọ̀

Nínú àwọn ìbéèrè òfin kọ́ńpìnnì, èyí tí wọ́n máa ń sọ ìtàn kúkúrú kan tí wọ́n á sì ní kí èèyàn mú ìdáhùn kan nínú mẹ́rin tàbí márùn-ún, èyí tó ń dùn mí jù tí àwọn tí mo ń kọ́ bá ṣì í ni ìbéèrè nípa dáírẹ́kítọ̀ tó jèrè lára ipò rẹ̀. Ó ń dùn mí nítorí pé wọ́n mọ òfin náà. Wọ́n ti kà á, wọ́n ti há a sórí. Ohun tó ń gbé wọn ṣubú ni pé wọ́n ń fi òfin ilẹ̀ kan dáhùn ìbéèrè ilẹ̀ mìíràn. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn lọ́yà tó kàwé ní Nàìjíríà tí wọ́n wá ń ṣe SQE, ìdánwò tí èèyàn fi ń di lọ́yà ní Ìlú Ọba. Ó sì kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nílé, tó jẹ́ pé ìwé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń múra ìdánwò.

Ẹ jẹ́ ká fi ìtàn kan ṣe é. Èmi ni mo ro ó, àmọ́ irú rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé wá.

Ṣadé jẹ́ ọ̀kan nínú dáírẹ́kítọ̀ mẹ́ta kọ́ńpìnnì kan tó ń ta ẹja inú yìnyín ní Ìbàdàn. Onípìn-ín mẹ́jọ ló ni kọ́ńpìnnì náà. Ẹni tó ni ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kọ lẹ́tà sí kọ́ńpìnnì pé òun fẹ́ tà á ní mílíọ̀nù 30 náírà. Mílíọ̀nù 18 péré ló wà nílẹ̀, báńkì sì ti ní òun kò ní yá wọn lówó. Níbi ìpàdé bọ́ọ̀dù, Ṣadé ní òun á fẹ́ fi owó ara òun ra ilẹ̀ náà. Àwọn méjì yòókù ní kò burú, akọ̀wé sì kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé. Ṣadé rà á. Nígbà tó di ọdún kejì, ó tà á ní mílíọ̀nù 42. Kò pẹ́ sígbà náà, bọ́ọ̀dù tuntun dé, wọ́n ní kó kó mílíọ̀nù 12 tó jẹ lérè wá fún kọ́ńpìnnì. Èwo ló tọ̀nà?

A. Kò jẹ wọ́n ní nǹkan kan, nítorí kọ́ńpìnnì kò lówó tó lè fi ra ilẹ̀ náà.
B. Kò jẹ wọ́n ní nǹkan kan, nítorí ó sọ fún bọ́ọ̀dù, bọ́ọ̀dù sì yọ̀ǹda.
C. Yóò dá èrè náà padà, nítorí kò gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú ìpàdé gbogbogbò àwọn onípìn-ín kó tó ṣe é.
D. Yóò dá a padà bí kọ́ńpìnnì bá lè fi hàn pé òun pàdánù owó.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń sáré mú B. Ọ̀rọ̀ náà dà bí ohun tó mọ́gbọ́n dání: obìnrin náà kò fi nǹkan pamọ́, ẹlẹ́rìí wà, àkọsílẹ̀ sì wà. Bí ìbéèrè yìí bá jẹ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, B náà ni ìdáhùn. Abala 175 nínú òfin kọ́ńpìnnì wọn ti ọdún 2006 gbà pé àwọn dáírẹ́kítọ̀ yòókù lè yọ̀ǹda fún ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, bí kọ́ńpìnnì aládàáni bá ni tí ìwé òfin inú ilé rẹ̀ kò sì lòdì sí i. Ohun tó kù ni pé kí wọ́n má ka onítọ̀hún mọ́ iye èèyàn tí ìpàdé gbọ́dọ̀ ní, kí wọ́n má sì ka ìbò rẹ̀. Àwọn méjì yòókù ti tó fún ìyẹn.

Ìbàdàn ni ìtàn wa ti ṣẹlẹ̀ o. Òfin kọ́ńpìnnì Nàìjíríà, CAMA 2020, ló ń darí rẹ̀, abala 306 sì ni ká wò. Ó ní kí ire ara dáírẹ́kítọ̀ má ṣe forí gbárí pẹ̀lú ojúṣe rẹ̀, kó má sì jẹ èrè ìkọ̀kọ̀ nídìí iṣẹ́ kọ́ńpìnnì tàbí lára ohun ìní rẹ̀. Ẹsẹ kẹfà abala náà ló wá sọ ọ̀nà àbáyọ: dáírẹ́kítọ̀ lè bọ́ bó bá tú ọ̀rọ̀ náà síta níwájú ìpàdé gbogbogbò kí èrè tó wọlé, ìpàdé yẹn sì lè gbà tàbí kó kọ̀. Ìpàdé gbogbogbò ni wọ́n dárúkọ, wọn ò dárúkọ bọ́ọ̀dù. Àwọn onípìn-ín mẹ́jọ yẹn ni Ṣadé ì bá lọ bá. C ni ìdáhùn.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti tún ń dojú rú fún àwọn èèyàn ni pé CAMA kan náà ní abala mìíràn, 303, tó sọ pé kí dáírẹ́kítọ̀ sọ ire tó ní nínú àdéhùn fún ìpàdé àwọn dáírẹ́kítọ̀. Ẹni tó bá rántí 303 á ní, "Ó ṣáà ti sọ fún bọ́ọ̀dù, òfin sì ní kó sọ fún bọ́ọ̀dù." Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ irú ọ̀rọ̀ wo? Àdéhùn tí kọ́ńpìnnì fúnra rẹ̀ ń bá ẹlòmíràn ṣe, tí dáírẹ́kítọ̀ ní ọwọ́ nínú rẹ̀, ni 303 ń sọ. Ká ní ọkọ Ṣadé ló ń ta jẹnẹrétọ̀, tí kọ́ńpìnnì ẹja sì fẹ́ ra ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀, abala 303 nìyẹn. Yóò sọ ọ́ ní ìpàdé bọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ tí wọ́n bá ti gbé ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ yẹn kalẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, abala 177 ló bá a mu, sísọ ọ́ ṣáájú àdéhùn sì tó, kò di dandan kí ẹnikẹ́ni yọ̀ǹda. (Bí ohun tí wọ́n ń rà náà bá kọjá pọ́nùn 100,000, ẹ rántí abala 190, tó ní kí àwọn onípìn-ín fọwọ́ sí i.) Ṣùgbọ́n nínú ìtàn ilẹ̀, kọ́ńpìnnì kò bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn rárá. Ṣadé àti onílẹ̀ ló jọ dúnàádúrà. Àǹfààní tó yẹ kó jẹ́ ti kọ́ńpìnnì ló gbà.

Nítorí náà, kí ẹ tó wo ìdáhùn A, ẹ mú pẹ́ńsù, kí ẹ kọ ohun méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàn náà: ta ló tà, ta ló rà? Bí orúkọ kọ́ńpìnnì bá wà nínú ọ̀kan, ọ̀rọ̀ 303 tàbí 177 lẹ ó kọ́kọ́ rò. Bí kò bá sí nínú méjèèjì, ó di 306 tàbí 175. Mo ti rí i tí ẹnì kan ṣe èyí lórí ìbéèrè mẹ́wàá léraléra, tí kò ṣi èyíkéyìí nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, méjì ló rí gbà nínú mẹ́wàá.

Ẹ jẹ́ ká padà sí A àti D, nítorí àwọn tó ní àánú lójú ló máa ń mú wọn. Wọ́n á ní, "Kọ́ńpìnnì ò lówó, kò pàdánù kọ́bọ̀, kí ni wọ́n wá ń bínú sí?" Ẹjọ́ Regal àti Gulliver, tí ilé ẹjọ́ tó ga jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ní ọdún 1942, ló dáhùn rẹ̀, ó sì yẹ kí èèyàn mọ bí ó ṣe lọ gan-an. Regal jẹ́ kọ́ńpìnnì tó ní ilé sinimá kan ní ìlú Hastings. Wọ́n fẹ́ gba méjì sí i, wọ́n sì dá kọ́ńpìnnì kékeré kan sílẹ̀ fún un. Onílé ní àfi kí kọ́ńpìnnì kékeré yẹn ní pọ́nùn 5,000 tí wọ́n ti san wọlé, tàbí kí àwọn dáírẹ́kítọ̀ fi ara wọn ṣe onídùúró. Pọ́nùn 2,000 ni agbára Regal mọ. Dáírẹ́kítọ̀ mẹ́rin wá ra ìpín 500 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, alága bọ́ọ̀dù, Gulliver, wá àwọn ará ìta tó ra 500, lọ́yà wọn náà ra 500. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ wọ́n ta ìpín náà, èrè orí ìpín kọ̀ọ̀kan sì lé ní pọ́nùn méjì àti ṣílè 16.

Ilé ẹjọ́ kò sọ pé wọ́n jalè. Ilé ẹjọ́ gbà pé inú kan ni wọ́n fi ṣe é, ó gbà pé Regal kò lè dá owó náà dá. Síbẹ̀, àwọn dáírẹ́kítọ̀ mẹ́rin yẹn dá èrè wọn padà, bíi pọ́nùn 1,400 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ipò dáírẹ́kítọ̀ ni wọ́n tipasẹ̀ rẹ̀ rí i. Gulliver bọ́, torí kì í ṣe òun ló ni ìpín tó wá ẹni tó rà á. Lọ́yà náà bọ́, torí kì í ṣe dáírẹ́kítọ̀, bọ́ọ̀dù ló sì ní kó rà á. Àwọn olùdánwò fẹ́ràn méjì tó bọ́ yìí gan-an ni. Wọ́n á fi ẹnì kan tí kì í ṣe dáírẹ́kítọ̀ sáàárín ìtàn, akẹ́kọ̀ọ́ á sì dá gbogbo wọn lẹ́bi pọ̀.

CAMA gan-an tún ti ilẹ̀kùn A pa lọ́tọ̀. Ẹsẹ kẹrin abala 306 ní pé àìlágbára kọ́ńpìnnì tàbí àìfẹ́ rẹ̀ láti ṣe ojúṣe tó wà nínú ìwé òfin inú ilé rẹ̀ kì í ṣe àwáwí fún dáírẹ́kítọ̀. Ẹsẹ karùn-ún sì mú ti ẹni tó kọ̀wé fipò sílẹ̀: kíkúrò rẹ̀ kò sọ ọ́ di ẹni tó lè máa lo ohun tó mọ̀ nígbà tó wà níbẹ̀. Cooley, dáírẹ́kítọ̀ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí irú èyí nínú ẹjọ́ ọdún 1972. Ó purọ́ pé ara òun kò yá kí kọ́ńpìnnì rẹ̀ lè fi í sílẹ̀, ó sì lọ gba iṣẹ́ tí àjọ gáàsì kan fẹ́ gbé jáde. Adájọ́ ní ìdá kan nínú mẹ́wàá ni ìrètí kọ́ńpìnnì láti rí iṣẹ́ yẹn gbà, síbẹ̀ gbogbo èrè ló ní kí Cooley kó wá.

Èyí tó ṣẹ́kù ni àsìkò, ibẹ̀ sì ni àwọn tó ka Regal dáadáa ti ń ṣì í. Nínú ẹjọ́ náà, Lọ́ọ̀dù Russell, ọ̀kan nínú àwọn adájọ́, sọ pé àwọn dáírẹ́kítọ̀ ì bá ti dáàbò bo ara wọn bí wọ́n bá gba ìpinnu àwọn onípìn-ín, ì báà ṣe ṣáájú tàbí lẹ́yìn. Ẹni tó bá há "tàbí lẹ́yìn" yẹn sórí yóò kàgbákò níwájú ìbéèrè Nàìjíríà. Ẹ yí ìtàn Ṣadé padà díẹ̀: ó ta ilẹ̀ tán, ó wá pe àwọn onípìn-ín mẹ́jọ jọ, ó ṣàlàyé tinú tòde, gbogbo wọn sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ní Ìlú Ọba, abala 239 fún wọn láyè láti dárí jì í, bí wọ́n bá yọ ìbò Ṣadé fúnra rẹ̀ àti ti àwọn tó sún mọ́ ọn kúrò. Ní Ìbàdàn, ẹsẹ kẹfà yẹn ṣì wà níbẹ̀: ẹni tó bá jẹ èrè tán kó tó sọ ọ́ kò ní bọ́, yóò san án padà. Mílíọ̀nù 12 náà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.