Bí a ṣe ń ro wákàtí ìrìn-àjò pọ̀ nínú Excel tí ọkọ̀ bá fi òru rìn mọ́jú

Dírẹ́bà kan wọlé bá mi ní ọ́fíìsì ní Tákíè, Ògbómọ̀ṣọ́, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó na ìwé owó ọ̀nà rẹ̀ sí mi, kò tilẹ̀ jókòó. “Ẹ̀gbọ́n, mo já mángòrò l'Ékòó, mo padà wálé. Mo gbé pákó lọ Kánò, mo gbé alùbọ́sà bọ̀. Wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ wá kọ síbẹ̀?”

Mo wo ìwé náà. 15:25 ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló ṣe ìṣirò, ó rí 15:25 nísàlẹ̀ ṣíìtì, ó dà á kọ sórí ìwé, ó sì fi ₦500 fún wákàtí kan ro owó rẹ̀. Ó san ₦7,708. Owó tó yẹ kí ọkùnrin náà gbà ni ₦31,708. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, ₦24,000 géérégé ló kù, ìyẹn owó wákàtí 48. Ọjọ́ méjì gbáko ló wọmi, Excel ò sì fi àmì pupa kankan hàn.

Ibi tí ọjọ́ méjì náà wọlé sí ni kí a kọ́kọ́ mọ̀. Excel kì í ka wákàtí, ọjọ́ ló ń kà. Ọjọ́ kan jẹ́ 1 lọ́dọ̀ rẹ̀. Agogo méjìlá ọ̀sán jẹ́ 0.5, agogo mẹ́fà àárọ̀ jẹ́ 0.25. Ohun tí a ń rí lójú ṣíìtì, bíi 21:40, aṣọ lásán ni ó wọ̀ lé nọ́ńbà náà lórí. Aṣọ tí ó sì máa ń fún un ni aṣọ agogo ara ògiri. Agogo Excel yìí kì í ka ju wákàtí mẹ́rìnlélógún lọ. Tó bá débẹ̀, á padà sí òdo, ọjọ́ tó ti kọjá ò sí lójú rẹ̀ mọ́.

Ẹ ṣí ṣíìtì tuntun. Òpó A ni ìgbà tí ọkọ̀ gbéra, B ni ìgbà tó gúnlẹ̀, C ni iye wákàtí. Ẹ kọ àkọlé sí ìlà àkọ́kọ́, kí ìṣirò bẹ̀rẹ̀ láti ìlà kejì. Ìrìn mẹ́rin tí dírẹ́bà yẹn rìn nìyí, bí mo ṣe tún un kọ:

```
2025-06-02 21:40   2025-06-03 05:15
2025-06-04 13:20   2025-06-04 20:05
2025-06-05 18:30   2025-06-06 21:10
2025-06-08 06:00   2025-06-09 04:25
```

Ẹ ó rí i pé mo kọ ọjọ́ mọ́ àkókò nínú àpótí kan náà, àyè kan ṣoṣo ló là wọ́n láàárín. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣe é ní gbogbo ìgbà, ẹni tó bá sì jókòó sídìí kọ̀ǹpútà mi gbọ́dọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀. Ọdún ló ń ṣáájú, oṣù tẹ̀lé e, ọjọ́ kẹ́yìn. Tí ẹ bá kọ 05/06/2025, kọ̀ǹpútà kan á kà á sí ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà, òmíràn á ní ọjọ́ kẹfà oṣù karùn-ún ni, bí wọ́n bá ṣe tò ó ní Amẹ́ríkà tàbí ní Ìlú Ọba. Tí ọdún bá ṣáájú, kò sí àríyànjiyàn. Agogo oníwákàtí mẹ́rìnlélógún náà ni kí ẹ lò. Ẹni tó bá ń kọ 9.40pm ń wá wàhálà.

Ní C2, ẹ kọ èyí, kí ẹ sì fà á lọ sísàlẹ̀ dé C5:

```
=B2-A2
```

Ìyẹn ti tó. Àárín òru ò lè da fọ́múlà yìí láàmú, nítorí ọjọ́ ti wà nínú àpótí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú ló kàn báyìí, níbi tí wọ́n ti gbójú lé àkókò nìkan láìkọ ọjọ́. Kí a ní wọ́n kọ 21:40 sí A2 àti 05:15 sí B2. 05:15 àárọ̀ ò tíì tó 21:40 alẹ́, nítorí náà ìyọkúrò á bọ́ sábẹ́ òdo, Excel á sì fi ###### kún àpótí náà. Ohun tí gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n fẹ òpó náà. Wọ́n á fẹ̀ ẹ́ títí á fi gba ojú kọ̀ǹpútà tán, ###### náà á kàn máa gùn sí i ni. Tí fífẹ̀ bá yanjú rẹ̀, òpó náà ló há jù. Tí kò bá yanjú rẹ̀, àkókò yín ti bọ́ sábẹ́ òdo.

Lẹ́yìn náà ni ẹnìkan á wá sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ sínú ètò Excel kí wọ́n fọwọ́ sí `Use 1904 date system`. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò nínú fáìlì tó ti ní ọjọ́ nínú. ###### á lọ lóòótọ́, àmọ́ gbogbo ọjọ́ tó wà nínú fáìlì náà á sún síwájú ní ọdún mẹ́rin àti ọjọ́ kan. Mo ti rí ìwé ìsanwó tó di ti ọdún tí a ò tíì dé.

Àwọn tó gbọ́n díẹ̀ sí i máa ń lo èyí:

```
=MOD(B2-A2,1)
```

Ó ń ṣiṣẹ́. Ohun tó ń ṣe ni pé tí ìyọkúrò bá bọ́ sábẹ́ òdo, ó fi odidi ọjọ́ kan kún un. 05:15 yọ 21:40 jẹ́ wákàtí 16 ìṣẹ́jú 25 nísàlẹ̀ òdo; ẹ fi 24 kún un, ó di 7:35, èyí tó tọ́ fún Ògbómọ̀ṣọ́ sí Èkó. Bí ìwé dírẹ́bà yín bá ti pẹ́, tí kò sí ọjọ́ nínú rẹ̀, tí ó sì dá yín lójú pé kò sí ìrìn kankan tó pé wákàtí mẹ́rìnlélógún, ẹ lò ó.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìrìn kẹta, Ògbómọ̀ṣọ́ sí Kánò. Ọkọ̀ gbéra ní 18:30, ó gúnlẹ̀ ní 21:10 lọ́jọ́ kejì. Wákàtí 26 ìṣẹ́jú 40 ni. MOD ò mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ láàárín méjèèjì. Ó rí 18:30, ó rí 21:10, ó ní 2:40. Kò sí ######, kò sí ohun tó jọ àṣìṣe. Kódà ẹni tí kò lo MOD, tó kàn yọ 18:30 kúrò nínú 21:10, 2:40 náà lòun náà á rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀rù ìrìn yìí ju èyí tó ń mú ###### wá lọ: ###### ń ké fún yín, 2:40 jókòó jẹ́ẹ́. Wákàtí méjì àti ogójì ìṣẹ́jú láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Kánò! Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Jẹ́bbà á rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọmọ tó ń fi fọ́múlà fa ìlà ogójì sísàlẹ̀ kì í wò ó lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Kò sí fọ́múlà tó lè mú ọjọ́ tí a ò kọ padà wá. Ẹ kọ ọjọ́.

Pẹ̀lú ọjọ́ nínú A àti B, òpó C yín gbọ́dọ̀ jẹ́ 7:35, 6:45, 26:40 àti 22:25. Tí 2:40 tàbí nọ́ńbà mìíràn bá ṣì hàn níbi tí 26:40 yẹ kó wà, ẹ má fọwọ́ kan fọ́múlà, aṣọ ló kù tí ẹ ò tíì pààrọ̀. Ẹ yan C2 dé C6, ẹ tẹ `Ctrl+1`, ẹ yan `Custom`, kí ẹ kọ èyí sínú àyè tí wọ́n pè ní `Type`:

```
[h]:mm
```

Àkámọ́ onígun yẹn ni iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń sọ fún Excel pé kó má padà sí òdo tó bá dé 24, kó máa kà lọ. Lórí Google Sheets, ẹ lọ sí `Format`, `Number`, kí ẹ yan `Duration`. Ẹni tí kò fẹ́ náwó, LibreOffice Calc ọ̀fẹ́ ni, àkámọ́ kan náà ló ń gbà. Fóònù ni kí ẹ fi sílẹ̀ ní tèmi. Fún kíkà ló dára, títẹ ọjọ́ àti àkókò sórí rẹ̀ lójú gáréèjì ló ń bí àṣìṣe.

Ní C6, ẹ ro wọ́n pọ̀:

```
=SUM(C2:C5)
```

63:25 ni ẹ gbọ́dọ̀ rí. Tí ẹ bá mú àkámọ́ kúrò, 15:25 ọmọ mi yẹn ni ẹ ó bá pàdé. Ẹ wá pààrọ̀ aṣọ náà sí `General` fún ìṣẹ́jú kan, ẹ ó rí 2.642361. 2 tó ṣáájú ni ọjọ́ méjì gbáko, wákàtí 48. Èyí tó kù lẹ́yìn àmì ìdánudúró ni wákàtí 15 ìṣẹ́jú 25. Nọ́ńbà náà ò tíì yí padà rí. Ojú tó fi hàn wá ló pa irọ́, ọmọ yẹn sì fi ojú ka á dípò kó jẹ́ kí ṣíìtì ro owó náà fúnra rẹ̀.

Kí ẹ tó débi owó, ẹ kọ èyí sí àpótí tó ṣófo:

```
=COUNT(A2:B5)
```

Ìlà mẹ́rin, òpó méjì: 8 ló gbọ́dọ̀ jáde. Tó bá jẹ́ 7, ẹnìkan ti kọ nǹkan bíi 9.40pm síbì kan, Excel sì ti kà á sí ọ̀rọ̀ lásán. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni kí ẹnìkan tẹ iye wákàtí sínú C fúnra rẹ̀, kó sì fi àmì ìdánudúró sí i dípò àmì tótó méjì. 5.30 kì í ṣe wákàtí márùn-ún ààbọ̀ níbẹ̀, ọjọ́ márùn-ún àti díẹ̀ ni. Pẹ̀lú `[h]:mm` á di 127:12. COUNT ò lè mú ìyẹn, ojú yín ló máa mú un.

Owó ló kù. Nítorí pé ọjọ́ ni Excel ń kà, ẹ gbọ́dọ̀ fi 24 sọ ọ́ di wákàtí kó tó pàdé náírà:

```
=C6*24*500
```

Ẹ sọ aṣọ àpótí náà di `Number`, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ agogo ni yóò tún fi wọ owó. 31,708.33 ló máa jáde. Ẹni tó bá gbàgbé 24 á rí 1,321.18, ẹni tó bá ka 63:25 bíi 63.25 á rí 31,625, torí ìṣẹ́jú 25 kì í ṣe ìdá mẹ́rin wákàtí.

Mo tẹ̀ ẹ́ lójú dírẹ́bà náà lọ́jọ́ yẹn. Ó na ìka sí 26:40, ó ní, “Kánò nìyẹn,” ó wá fà àga, ó jókòó dúró de ₦24,000 rẹ̀.